Owó Bó-Bá-Yí Tí Mo Gbà Padà

Ẹni tó bá ti bá mi ra nǹkan lọ́jà Ọ̀fà rí mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ka ṣéńjì. Ahun kọ́. Iṣẹ́ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà ní ọ́fíìsì ìṣúná ní Pólì, orí tábìlì mi sì ni ìwé àwọn kọngílá ń gbà kọjá. Nísàlẹ̀ ìwé wọn, ìlà kan kì í wọ́n níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọntinjẹ́ńsì, ìyẹn owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ìlà yẹn lórí ilé tí wọ́n kọ́, lórí kànga tí wọ́n gbẹ́, lórí àga tí wọ́n kàn, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí wọ́n dá kọ́bọ̀ padà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn máa ń ṣẹlẹ̀ ṣáá ni, iye owó náà gẹ́lẹ́ ló sì máa ń gbà. Nítorí náà, bí èèyàn bá ti ní kí n mú owó wá nítorí "bóyá," ara mi ti fu nìyẹn.

Tàmálè ni wọ́n bí ìyá mi sí, ní òkè Gánà lọ́hùn-ún. Irú wọn pọ̀ ní Ọ̀fà. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló kú sí nígbà tí ìyá mi wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò máa lọ ilé wọn. Ìyá ìyá mi kó àwọn ọmọ àti ìwọ̀nba ẹrù tó lè rù, ó di Ọ̀fà, ilé tí àwọn ọmọ náà kò mọ̀ rí. Láti ìgbà yẹn, ìyá mi kò fojú kan Tàmálè mọ́. Kò bèèrè mọ́tò lọ́wọ́ mi, kò bèèrè ilé. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni pé òun fẹ́ dúró níbi sàréè bàbá òun, kí òun ṣe àdúà fún un, kí ẹsẹ̀ òun tó kọ̀.

Nígbà tí Alhaja kan nítòsí ibùdókọ̀ réluwéè wá sọ pé òun fẹ́ kó àwọn ará Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Gánà lọ wo ibi tí wọ́n ti wá, ìyá mi ni ẹni kejì tó fi orúkọ sílẹ̀. Ìṣètò ìrìn-àjò ni Alhaja yìí ń ṣe, ṣùgbọ́n kó tó di pé ó ṣí ọ́fíìsì, alájọ ni. Ọdún púpọ̀ ló fi ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tó ń gba owó ojoojúmọ́, tó ń fi bírò sàmì sí káàdì. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ̀ pé àpótí àkọ́kọ́ lórí káàdì, ti alájọ ni. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tí í bi í léèrè.

Àwọn mẹ́sàn-án ló fẹ́ lọ. Alhaja pè wá sípàdé ní ọ́fíìsì rẹ̀, èmi sì tẹ̀ lé ìyá mi nítorí èmi ni mo máa san owó náà. Ó pín káàdì àjọ fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpótí méjìlá, oṣù kan, àpótí kan.

Ó ní, "Iléeṣẹ́ kan ní Accra ló máa gbà wá lálejò. Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, bọ́ọ̀sì, ẹni tó máa mú wa kiri, dọ́là ni wọ́n fi dá iye lé gbogbo rẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ ní náírà òní, mo sì pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Méje jẹ́ ti Accra àti Kùmásì. Mẹ́ta jẹ́ ti Tàmálè, nítorí ìyẹn jìnnà, wọ́n sì ń gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀."

Mo ní, "Alhaja, ẹ ní ọ̀nà mẹ́wàá. Àpótí méjìlá ni mò ń wò."

Ó ní, "Ọ̀nà mẹ́wàá ní náírà òní. Ṣé òní la máa san án tán? Bí dọ́là bá wọ́n kó tó di ọjọ́ tí a máa san ìyókù, mẹ́wàá yẹn kò ní í tó. Àpótí méjì àkọ́kọ́, owó bó-bá-yí ni. Bí kò bá yí, mo dá a padà fún yín tí a bá dé. Bó bá yí díẹ̀, mo dá èyí tó ṣẹ́ kù padà. Kì í ṣe tèmi. Àwọn ará Accra ló ń san tèmi fún mi."

Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín. "Alhaja, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ṣebí àpótí àkọ́kọ́, ti yín ni láti ọjọ́ táláyé ti dáyé. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ jẹ ẹ̀kejì mọ́ ọn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bínú nínú wọn, wọ́n gbà pé owó iṣẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ dọ́là kàn jẹ́ ọ̀nà tó gbà fi ọ̀wọ̀ bò ó ni. Alhaja tún ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ni àṣà. Méjì ti di nǹkan mìíràn. Tó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ òun gan-an ló máa kọ́kọ́ gbà, kó tó gba owó hòtẹ́ẹ̀lì?

Mo san oṣù àkọ́kọ́, mo san ìkejì. Owó oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni Alhaja fi ránṣẹ́ sí Accra, ó fún wa ní ẹ̀dà rìsíìtì wọn, ó ní mẹ́ta nínú ọ̀nà mẹ́wàá ti wọlé, dọ́là kò lè fi ọwọ́ kan ìyẹn mọ́, méje ló kù. Mo gbé rìsíìtì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Mi ò rí nǹkan kan tí mo lè tọ́ka sí níbẹ̀, ìyẹn kò sì mú kí ọkàn mi balẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí iṣẹ́ gbé mi dé Ìlọrin, mo rí Alhaja. Ó ń jáde láti ìsọ̀ ọ̀kan nínú àwọn mállà tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Kò rí mi. Mo dúró sójú kan náà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń rò bọ̀ wá tò lójú mi. Ó ń fi owó wa ṣòwò dọ́là! Ó ń rà nígbà tó bá pọ̀, ó ń tà nígbà tó bá wọ́n, èrè ń wọ àpò rẹ̀, àwa ń mi orí ní Ọ̀fà.

Mo sọ fún ìyá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní kí n rọra, ó ní òun mọ obìnrin náà láti ìgbà tó ti ń gba àjọ lọ́wọ́ òun, náírà kan kò sọnù rí. Mo ní, "Ìyá mi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni èèyàn fi ń di olè." Mi ò jẹ́ kó sinmi. Ní gbogbo ìgbà tí orúkọ Gánà bá ti jáde, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí pé obìnrin yẹn máa jẹ owó rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, èmi sì ń pín oògùn náà fún gbogbo ilé.

Ìpàdé oṣù kẹfà ni mo ti sọ ọ́ síta. Mo bèèrè lójú gbogbo wọn ohun tí Alhaja lọ ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Ojú rẹ̀ kò yí. Ó fa ìwé báńkì kan yọ, àkáǹtì dọ́là, ó ní inú rẹ̀ ni òun kó owó bó-bá-yí gbogbo wa sí.

Ó ní, "Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ gbà á nìyẹn. Tí mo bá fi í sílẹ̀ ní náírà, ọjọ́ tí náírà bá ṣubú, òun náà á bá a ṣubú. Kí ló máa wá gbà wá? Èyí tí ẹ ń mú wá láti ìsinsìnyí lọ náà, bí ẹ bá gbà, màá máa fi ra dọ́là bó ti ń wọlé."

Mo wo ìwé náà. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo ní, "Owó ẹni mẹ́sàn-án, orúkọ ẹnìkan. Níbi iṣẹ́ tèmi, a mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ní ọ̀nà méje tó kù, a ò ní í fi ra dọ́là kankan o, àkáǹtì náírà la máa ṣí ní báńkì, ẹni mẹ́ta á máa fọwọ́ sí i, kí gbogbo wa lè rí i pẹ̀lú ojú wa. Nítorí pé èmi ni akọ̀wé Pólì láàárín wọn, wọ́n gbà fún mi. Bàbá tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn tiẹ̀ yìn mí. Alhaja ní kò burú, owó wa ni. Ó kàn sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ó ti di dandan kí owó bó-bá-yí wà níbi tó wà, nítorí gbogbo ọ̀nà méje náà ló máa wà ní náírà, níta gbangba. Mo gbọ́ ọ bí ẹni tó ń dáàbò bo ohun tó ti jẹ.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn mo lọ bá a ní òun nìkan, mo ní kó fún mi ní àpótí méjì ti ìyá mi. Kò jà. Ó ní, "Ṣé o ti rò ó dáadáa?" Mo ní mo ti rò ó. Ní ọjọ́ kejì ó ka owó náà fún mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó lé.

Mo ní, "Alhaja, èyí ju ohun tí mo san lọ."

Ó ní, "Ohun tó dà nìyẹn. Dọ́là ti wọ́n díẹ̀ láti ìgbà tí o ti san án. Tìrẹ ni."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí ti rí ohun tó yẹ kí n rí. Èmi kò rí i. Ohun tí mo rí ni obìnrin tó ń fi owó dí mi lẹ́nu. Mo rò ó nínú ara mi pé, àṣírí ti tú, ó ń fún mi ní ìpín tèmi kí n má bàa pariwo mọ́. Mo gba owó náà tìgbéraga-tìgbéraga, mo sì fi tún òrùlé ilé ìdáná mi tó ń jò ṣe. Mi ò sọ fún ìyá mi pé mo gbà á.

Mi ò ní kọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là síbí, nítorí yóò ti di ìtàn kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Mo kàn lè sọ pé láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá lórí káàdì wa, náírà bọ́ lulẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ tí a máa san ìyókù, ohun tí a ń fi náírà mẹ́rin rà nígbà ìpàdé àkọ́kọ́ ti di náírà márùn-ún. Owó wa wà ní báńkì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí i. Gbogbo wa rí i pẹ̀lú ojú wa. Kò dín ní kọ́bọ̀, kò sì tó.

Alhaja tún pè wá. Ó ní ọ̀nà méje tó wà ní báńkì kò lè ra méje mọ́, márùn-ún àti díẹ̀ lé ní àbọ̀ ló lè rà. Àwọn ará Accra sì ní tí owó kò bá pé di ọjọ́ Ẹtì, àwọn máa gbé yàrá àti àyè bọ́ọ̀sì fún ẹlòmíràn. Ó wá ṣí ìwé àkáǹtì dọ́là yẹn. Owó bó-bá-yí ẹni kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ó fi kún tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé, ó sì ṣẹ́ kù. Bàbá ẹ̀bá ilẹ̀kùn ń wo káàdì rẹ̀ bí ẹni tó rí owó he. Ó ní, "Àṣé òótọ́ lẹ̀ ń sọ!"

Nígbà tó kan ìyá mi, Alhaja pa ìwé náà dé, ó ní kí n dúró kí àwọn tó kù lọ. Ìyá mi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ó ní, "Owó ìyá rẹ gbé Accra àti Kùmásì tán. Tàmálè ni kò gbé. Ohun tó ṣẹ́ kù fi díẹ̀ lé ní ìdajì owó rẹ̀ ni."

Tàmálè. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ṣírò ibi tí mo ti lè rí owó. Owó oṣù kò tíì jáde. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa kì í yáni lówó kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ọjọ́ méjì péré ló kù. Mo yá lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan, mo yá lọ́dọ̀ àbúrò mi, kò tó. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo padà sọ́dọ̀ Alhaja, mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú owó bó-bá-yí àwọn yòókù, ẹ fi dí i fún mi. Tí owó oṣù bá jáde, màá dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

Ó ní, "Dìde. Ìwọ lo dúró láàárín ọ́fíìsì yìí tí o ní mò ń fi owó wọn ṣe nǹkan lẹ́yìn wọn. Mi ò ṣe é. Ṣé ìwọ lo wá ń bẹ̀ mí báyìí pé kí n lọ ṣe é?"

Mo dìde. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, mo sì rí ara mi lọ́jọ́ náà. Mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù wá olè kiri. Ẹ̀bẹ̀ mi yìí gan-an ni ìwà olè tó kọ́kọ́ wọ inú ọ́fíìsì náà. Alhaja sọ pé owó ara òun kò sí nílẹ̀, ó ti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń lọ ṣe Umrah. Mo gbà á gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo sọ fún ìyá mi pé àyè ti tán nínú bọ́ọ̀sì Tàmálè. Ó gbọ́, ó ń ká ìborí rẹ̀ sínú báàgì.

Wọ́n lọ. Ní Kùmásì, àwọn mẹ́jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sókè. Ìyá mi dúró dè wọ́n ní hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó ní oúnjẹ wọn dára, ó ní òun ń jókòó síwájú ìta, òun ń wo àwọn mọ́tò tó ń lọ sí òkè. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Mo pa fóònù, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé, Alhaja wá sílé wa láti kí i. Mo wà níbẹ̀. Ó dẹ́nu lé kíkí, ìyá mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin tí kì í ṣàìdáhùn ìkíni ọmọdé, kò dá àgbàlagbà lóhùn. Alhaja wò mí. Ó yé e, ó sì yé mi. Ó lè sọ ọ́ nígbà náà, nínú ilé mi, pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́. Ó kàn sọ pé èyí tó ṣẹ́ kù nínú owó Tàmálè ti ìyá mi ṣì wà lọ́wọ́ òun ní dọ́là, òun kò ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó sì dìde, ó lọ.

Ìyá mi ní, "O sọ fún mi, mi ò gbọ́. O ní ó máa jẹ owó mi. Ó jẹ ẹ́."

Ó fi inú rere sọ ọ́ fún mi, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Mi ò purọ́, mo rò ó. Ríro rẹ̀ rọrùn gan-an, nítorí ó ti gbà á gbọ́ tán, èmi ni mo sì gbìn ín sí i lọ́kàn, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àpótí méjì tí mo gbà padà, èyí tó lé tí mo pè ní owó ìdínilẹ́nu, òrùlé, àkáǹtì náírà tí mo ní kí wọ́n ṣí, irọ́ bọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ ọ dópin. Mo retí kó bínú. Ìbínú ì bá sàn fún mi.

Ó ní, "Lọ pe Alhaja padà fún mi. N ò dá a lóhùn."

Mo dìde. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú. A máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi máa mú yín lọ. Kò sí ibi tí sàréè náà ń lọ."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi kò kánjú. Èmi ni ọjọ́ ń lọ lórí mi."